Lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ àfihàn orin ìlú: jùjú kọ́ ló sin háíláìfù

Sí alága àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ tó ṣètò àfihàn ìtàn orin ìlú,

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Títún giramofóònù àti ampilifáyà ṣe ni iṣẹ́ mi, Múṣin ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Bàbá mi fun tọ́ńpẹ́ẹ̀tì nínú báńdì hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Èkó títí di 1967. Méje nínú àwọn àwo tí ẹ tò sínú àpótí dígí yín, èmi ni mo yá yín.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ̀wé sí yín ní ìkọ̀kọ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ ò fèsì. Nígbà tí akọ̀wé yín pè mí lórí fóònù níkẹyìn, ohun tó sọ ni pé wọ́n ti tẹ àwọn pátákó náà tán, ọ̀rọ̀ orí wọn ni wọ́n sì máa kó sínú ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n fẹ́ pín fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Àṣìṣe tó bá wà lára ògiri, a lè yọ ọ́. Èyí tó bá wọ orí ọmọdé láti inú ìwé, àtiyọ rẹ̀ ṣòro. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà wá síta kí gbogbo ayé bá wa dá sí i.

Ohun tí pátákó kẹta yín sọ ni pé háíláìfù ló kọ́kọ́ wà ní Èkó, pé ó sú àwọn èèyàn nígbà tí ogun abẹ́lé parí ní 1970, tí jùjú wá dìde láti rọ́pò rẹ̀. Ìtàn náà dùn létí, ó sì kúrú, ṣùgbọ́n kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tó dúró ṣinṣin. Ẹ jẹ́ kí n mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

1. Jùjú ti wà nínú àwo kí báńdì háíláìfù kankan tó gbajúmọ̀ ní Èkó.

Ní 1936 ni ilé-iṣẹ́ Parlophone gba orin Túndé King sílẹ̀, tí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ náà "juju" sára àwo. Ọmọ Èkó ni Túndé King, àdúgbò àwọn Sàró ní Olówógbowó ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Èèyàn mẹ́rin péré ni ẹgbẹ́ rẹ̀: òun fúnra rẹ̀ ń ta gìtá-báńjò, ó sì ń kọrin, ẹnì kan ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ń lu ìlù kékeré, ó sì ń gbè é, ẹnì kẹrin di sámbà mú. Sámbà yìí ni àwọn àgbà olórin máa ń tọ́ka sí tí a bá bi wọ́n léèrè ibi tí orúkọ jùjú ti wá. Wọ́n ní onísámbà a máa jù ú sókè, a sì máa hán an padà láìjẹ́ kí ìlù já, tí àwọn tó ń wòran á máa pariwo "jù ú". Àwọn mìíràn ní èébú tí àwọn òyìnbó ń pe ohun ìbílẹ̀ wa ni. Èyí ó wù kó jẹ́, orúkọ náà ti wà lára àwo ní 1936.

Níbo wá ni háíláìfù wà nígbà náà? Gánà ló wà, tí wọ́n ń pè ní Gold Coast nígbà yẹn. Ibẹ̀ ló ti jẹ yọ láàárín báńdì àwọn ológun, ẹgbẹ́ olórin àwọn ọ̀mọ̀wé, àti gìtá àwọn atukọ̀ etí òkun. Ẹgbẹ́ wọn kan tí ń jẹ́ Sugar Babies láti Cape Coast ti wá sí Nàìjíríà kí ogun Hitler tó bẹ̀rẹ̀, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogun náà, ohun tí àwọn báńdì oníkóòtù ń lù ní Èkó ni wọ́ọ̀sì, kuíkísítẹ́ẹ̀pù àti fọ́kísítírọ́ọ̀tì, ijó òyìnbó pátápátá. Bobby Benson ti padà dé láti òkè òkun, òun àti ìyàwó rẹ̀, Cassandra, sì ń ṣe eré orí ìtàgé, ṣùgbọ́n orin swíìngì àti jáàsì ló kún inú eré wọn. Ìgbà tí E. T. Mensah kó ẹgbẹ́ Tempos wá láti Àkrá ní 1950 ni ọ̀nà yí padà. Ó po ìlù Kúbà àti kàlípísò mọ́ orin ilẹ̀ Gánà, ó fi tọ́ńpẹ́ẹ̀tì àti saksofóònù gbé e, gbogbo àwọn onífèrè Èkó sì gbọ́ pé a lè fi irinṣẹ́ òyìnbó ṣe orin tiwa. Kò pẹ́ tí Bobby Benson fi yí báńdì rẹ̀ sí ọ̀nà yẹn. Victor Ọláìyá dá Cool Cats tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1954. Ẹgbẹ́ yìí ló lù nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wá ní 1956, tí wọ́n sì tún pè nígbà òmìnira ní 1960.

Ẹ wo ọdún méjèèjì: 1936 àti 1950. Ọdún mẹ́rìnlá ni jùjú fi ṣíwájú. Orúkọ E. T. Mensah ò sì sí lára pátákó yín rárá, bí ẹni pé inú ọsà ni háíláìfù ti yọ. Kò yẹ kí ará Gánà wá wo àfihàn wa kó bá a bẹ́ẹ̀.

2. Ẹ ń fi àwo náà kọrin lódì.

Èyí dùn mí ju tàkọ́kọ́ lọ, nítorí ọ̀kan nínú àwo tí mo yá yín ni. Níbi pátákó kejì, ẹ so ohun ìgbọ́rọ̀ mọ́ ògiri kí èèyàn lè gbọ́ orin Túndé King. Mo fi í sétí. Ohùn tó jáde nípọn, ó ń fà, ó dà bí ohùn àgbàlagbà tí oorun ń kùn. Ọmọbìnrin kan tó dúró tì mí sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Orin ayé àtijọ́ mà lọ́ra o." Ọmọ yẹn ò jẹ̀bi.

Mo yọ aago mi, mo ka àkókò rẹ̀. Ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú àáyá 12 ni orin náà gbà. Kò sí bó ṣe lè rí bẹ́ẹ̀. Irú àwo bẹ́ẹ̀, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íńṣì 10, tó sì ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 lojú kan rẹ̀ ń gbà. Tí ẹ bá gbé e sórí ẹ̀rọ tí ẹ fi sí 45, ìṣẹ́jú 3 yóò di ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú àáyá 12 gẹ́lẹ́. Ohun tí ẹni tó gba orin náà sílẹ̀ fún yín ṣe nìyẹn. Ohùn ọkùnrin náà wálẹ̀, ìlù rẹ̀ rọ, báńjò tó yẹ kó máa ta ṣaṣa sì dà bíi gìtá tí okùn rẹ̀ dẹ̀.

Ẹni tó bá mọ orin jùjú àtijọ́ kò nílò aago láti mọ̀. Ohùn òkè tó le, tó gba inú imú kọjá, ni àwọn olórin jùjú ayé ìgbà náà fi ń kọrin. Túndé Nightingale tó tẹ̀lé wọn, ohùn òkè bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ ẹyẹ pè é. Nígbàkigbà tí ẹ bá gbọ́ jùjú láti ọdún 1930 sí 1940 tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀, kí ẹ fura sí ẹ̀rọ kí ẹ tó gbà pé bẹ́ẹ̀ lorin náà rí.

Ariwo ṣáàá tó bo orin náà kì í ṣe ti ogbó nìkan. Abẹ́rẹ́ àwo LP ni wọ́n fi gbà á. Ojú ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ lára àwo 78 fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ti LP, nítorí náà abẹ́rẹ́ tín-ín-rín a já sí ìsàlẹ̀ níbi tí eruku pọ̀ sí, kò ní fara kan ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tí orin wà. Ó sì ń họ àwo náà bó ti ń lọ. Àwo mi ni.

3. Gángan kò dúró de Sunny Adé.

Àkọlé tó wà lábẹ́ àwòrán Sunny Adé sọ pé òun ló mú gángan wọ jùjú. Mo bọ̀wọ̀ fún Sunny Adé, ohun tó ṣe pọ̀, ṣùgbọ́n kò nílò kí a fi iṣẹ́ olóògbé kún tirẹ̀. Àkànbí Wright ló kọ́kọ́ fi gángan sínú ẹgbẹ́ jùjú ní 1948, nígbà tí Sunny Adé wà lọ́mọ ọdún méjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí gángan ò fi tètè wọlé, torí iṣẹ́ ọwọ́ mi lọ̀rọ̀ náà bọ́ sí. Gìtá tí kò ní iná kò lè bá ìlù jà. Àwọn ará ayé ọdún 1930 mọ èyí, ìyẹn ni wọ́n ṣe fẹ́ràn báńjò, tí awọ ojú rẹ̀ ń mú kí ohùn rẹ̀ jáde ju ti àpótí gìtá lọ. Síbẹ̀, tí ẹ bá fi gángan kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́ báńjò nínú pálọ̀, gángan lẹ máa gbọ́. Ẹni tó ń kọrin á sì ní láti máa pariwo. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ fi kéré, tí wọ́n fi dúró lórí sámbà àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Ní nǹkan bí 1949, Àyìndé Bákàrè lẹ maikirofóònù kékeré mọ́ ara gìtá rẹ̀, ó sì so ó mọ́ ampilifáyà. Látìgbà náà, olórin lè gbé ohùn gìtá sókè tó bó ṣe fẹ́, ìlù tí ẹ bá sì kó tì í kò ní bò ó mọ́lẹ̀ mọ́. Báyìí ni ọ̀nà ṣí. Ìlù di méjì, ó di mẹ́ta, ẹlẹ́gbè pọ̀ sí i. I. K. Dáíró, tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1957, kó akọ́díọ̀nù wọ inú rẹ̀, ó fi orin ìjọ Aládúrà àti oríṣiríṣi ẹ̀ka èdè Yorùbá sí i, ó sì gbajúmọ̀ débi pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá ní 1963. Nígbà tó fi máa di ọdún 1980, èèyàn mẹ́rin ìgbà Túndé King ti di nǹkan bí ogún lórí ìtàgé, pẹ̀lú gìtá mẹ́rin, márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ gbólóhùn tirẹ̀ bí ìlù. Lára ampilifáyà ni gbogbo ìyẹn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò ní ampilifáyà kan ṣoṣo nínú àfihàn yín.

Nínú háíláìfù, fèrè ò bẹ̀rù ìlù, nítorí náà kò sí ohun tó ń lé e. Ìgbà tí Roy Chicago, ọmọ Ìkàrẹ́, fi gángan sínú báńdì rẹ̀, ohun tó ń wá ni kí orin náà lè sọ Yorùbá jinlẹ̀.

4. Ogun àti owó ló yí ìjókòó padà, kì í ṣe pé háíláìfù sú èèyàn.

Ibí ni kókó ọ̀rọ̀ mi wà. Ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Báńdì háíláìfù ń gbé inú hòtẹ́ẹ̀lì ni. Ẹni tó ni hòtẹ́ẹ̀lì ló sábà máa ń ra irinṣẹ́, tí yóò sì san owó oṣù fún èèyàn mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ jó ń sanwó lẹ́nu ọ̀nà, á ra bíà, á jó. Àwọn tó ń wá jó wá láti ibi gbogbo: Yorùbá, Ìgbò, Ẹ̀fíìkì, Ìjọ, ará Gánà, akọ̀wé ọ́fíìsì, nọ́ọ̀sì, atukọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ háíláìfù ní pijin lónìí, ní Ìgbò lọ́la, ní Yorùbá lọ́túnla. Àwọn tó ń lù ú náà wá láti ibi gbogbo. Báńdì E. C. Arinze ló ń gbé ní Kílọ́ọ̀bù Kakadu ní Yábàá. Nínú báńdì tí bàbá mi wà, ará Ìlà-Oòrùn ló pọ̀ jù láàárín àwọn onífèrè.

Jùjú ò gba ibẹ̀. Láti ìgbà Túndé King, ilé onínàáwó ni jùjú ń lọ: ìkómọ, ìsìnkú, ìṣílé, oyè. Onílé ló ń pè é, àwọn àlejò ló sì ń náwó fún un. Olórin á mọ orúkọ rẹ, á mọ orúkọ bàbá rẹ, gángan á ki ọ́, ìwọ náà á dìde, á fi owó lé e níwájú orí. Kò sí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì. Owó oṣù ò sí níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ wá gbé ọ̀nà méjèèjì yìí lé orí ọdún 1966 àti 1967. Lẹ́yìn ìpakúpa tó ṣẹlẹ̀ lókè Ọya, tí ogun sì ń bọ̀, àwọn ará Ìlà-Oòrùn kó padà sílé. Báńdì hòtẹ́ẹ̀lì pàdánù àwọn onífèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì pàdánù ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sanwó lẹ́nu ọ̀nà. Báńdì bàbá mi jẹ́ èèyàn mọ́kànlá ní ìbẹ̀rẹ̀ 1966. Nígbà tí ọdún náà máa fi parí, márùn-ún ló kù. Ọ̀gá hòtẹ́ẹ̀lì ní òun ò lè sanwó báńdì tí kò pé. Ó gba irinṣẹ́ rẹ̀ padà ní 1967, títí kan tọ́ńpẹ́ẹ̀tì tí bàbá mi ti fun fún ọdún mẹ́sàn-án, nítorí kì í ṣe tirẹ̀. Bàbá mi ò fun fèrè mọ́ títí ó fi kú. Kò sú u. Kò ní fèrè ni.

Àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga náà ti ń wá orin sóòlù nígbà yẹn. Geraldo Pino ti gbé e dé láti Sierra Leone. Ìyẹn náà mú lára èrò hòtẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n ní ìhín, wọ́n ń bímọ, wọ́n ń sin òkú, wọ́n ń ṣí ilé, ogun ò dá ìyẹn dúró nílẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí owó epo wá dé, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì gba àfikún owó oṣù Udoji ní 1975, inú aríyá ni owó náà wọ̀, ibẹ̀ sì ni jùjú ti ń jókòó láti nǹkan bí ogójì ọdún. Jùjú ò lé ẹnikẹ́ni kúrò níbi kankan. Ó wà ní ìdúró rẹ̀ nígbà tí òjò owó rọ̀.

Ẹ̀rí wà pé wọn ò bá ara wọn jà. Délé Òjó ti fun tọ́ńpẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ Victor Ọláìyá kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, níbi tó ti po jùjú àti háíláìfù pọ̀. Lọ́dọ̀ Moses Ọláìyá ni Sunny Adé ti kọ́ṣẹ́. Ẹ̀yin tó mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bíi Bàbá Sàlá nìkan, báńdì háíláìfù ló kọ́kọ́ ní kí àwàdà tó gbé e. Ebenezer Obey jáde láti ọ̀dọ̀ Fàtáì Rolling Dollar, ó sì dá International Brothers sílẹ̀ ní 1964 pẹ̀lú orin tí etí tó bá dára yóò gbọ́ gìtá háíláìfù nínú rẹ̀ kedere. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí háíláìfù Èkó wọlé sí, ẹ tẹ́tí sí gìtá Obey láàárín 1965 sí 1970.

Ohun kan tún wà tí ẹ lè fi àwo dá mọ̀. Àwo 78 ń fún olórin ní ìṣẹ́jú 3, nítorí náà orin kan, ọ̀rọ̀ kan. Ojú LP kan ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Ní 1970 sókè, Obey àti Sunny Adé bẹ̀rẹ̀ sí í lo gbogbo ojú àwo kan fún orin tí kò dúró, tí ọ̀kan ń wọnú èkejì, tí ìkini olówó ń bọ́ sí àárín, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe é lóde aríyá. Aríyá fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbé sórí àwo. Orin hòtẹ́ẹ̀lì, tó ń dúró kí àwọn oníjó lè lọ mumi, ò rí bẹ́ẹ̀ rí.

5. Ohun tí mo ń béèrè.

Kí ẹ yọ pátákó kẹta, kí ẹ sì má tẹ ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ sínú ìwé àwọn ọmọ. Kí ẹ kọ 1936 síbi tó yẹ, kí ẹ kọ orúkọ E. T. Mensah, Àkànbí Wright àti Àyìndé Bákàrè. Kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ogun ló tú báńdì hòtẹ́ẹ̀lì ká. Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo, mo mọ̀ pé ìdí tí ẹ fi kọ "sú wọn" nìyẹn, ṣùgbọ́n àwọn onífèrè tó wọ ọkọ̀ lọ ní 1966 kò lọ nítorí pé orin sú wọn.

Ẹ yọ ohun ìgbọ́rọ̀ tó wà níbi pátákó kejì lónìí, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Mo ní abẹ́rẹ́ àwo 78 àti ẹ̀rọ tó ń yí bó ṣe yẹ. Mo ṣe tán láti gba gbogbo àwo inú àpótí dígí náà sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, níwájú ẹnikẹ́ni tí ẹ bá rán. Ọ̀sán méjì tó.

Títí ìyẹn yóò fi ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe gbé abẹ́rẹ́ kankan lé àwo mi mọ́. Ẹ tò wọ́n ní òró, ẹ má tò wọ́n lé ara wọn lórí, nítorí àwo ṣẹ́láàkì tí nǹkan bá wúwo lé e á ya láìpariwo. Èyí tí orúkọ Túndé King wà lára rẹ̀ ti ní ìlà tín-ín-rín kan ní etí rẹ̀ lápá ọ̀tún. Ìlà náà ò sí níbẹ̀ nígbà tí mo gbé e fún yín.

Èmi ni tiyín,
Atún-giramofóònù-ṣe, Múṣin, Èkó